Èlé Amẹ́ríkà, Èlé Ìjẹ̀bú-Òde

Ní ìparí ọdún 2024, mo lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń ta léèsì àti aṣọ òkè ní Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde, gbé ìwé ìsanwó kékeré kan síwájú mi níbi tí a ti ń jẹ ìkọ́kọrẹ́. Ó ní, "Àbúrò, ṣé lóòótọ́ ni pé o ná èlé lọ́hùn-ún, tí wọ́n sì bá ọ dín in?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wò mí bí ẹni pé irọ́ ni mò ń pa.

N kò bá a jà. Nílé wa, ohun tí a mọ̀ pé èèyàn ń ná ni ata, aṣọ àti owó ọ̀kadà. Bí ayánilówó bá ti dárúkọ èlé, ẹni tó nílò owó á mi orí ni. Àwọn sógundogójì ayé àtijọ́ kò kúkú fi àyè ìdúnàádúrà sílẹ̀. Orúkọ tí a ń pè wọ́n gan-an ti sọ iye tí o máa dá padà.

Bí tèmi ṣe lọ nìyí. Ní Húsítìn tí mò ń gbé, orí káàdì ni gbèsè mi wà, nǹkan bíi dọ́là 4,000, èlé rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Èlé nìkan ń jẹ dọ́là 90 lóṣù. Ará Mẹ́síkò kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló ní kí n pe báńkì tó ni káàdì náà, pé wọ́n lè dín in. Ó ní kí n má ṣe lọ lọ́wọ́ òfo, kí n kọ́kọ́ lọ wo ohun tí wọ́n kọ nípa mi ní AnnualCreditReport.com, níbi tí a ti ń gba àkọsílẹ̀ gbèsè ẹni lọ́fẹ̀ẹ́. Mo gbà á, mo kà á, ó mọ́ tónítóní. Mo bá pè wọ́n.

Ẹni àkọ́kọ́ tó gbé fóònù ní kò sí ohun tí òun lè ṣe. Mo ní kó so mí pọ̀ mọ́ àwọn tó ń bá oníbàárà tó fẹ́ kúrò sọ̀rọ̀. Ìyẹn gan-an ló ní agbára. Mo ròyìn ara mi fún un: oṣù 26 ni mo ti ń san owó, n kò pẹ́ rí. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ pẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ mẹ́rin." Ojú tì mí. Mo ti gbàgbé. Ìdí tí n kò fi rí i nínú ìwé tí mo kà ni pé ayánilówó kì í fi ìsanwó tó pẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń pa àkọsílẹ̀ gbèsè mọ́, àyàfi tó bá pẹ́ kọjá ọgbọ̀n ọjọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tirẹ̀, ọjọ́ kan pàápàá kò sọnù. Mo ní òótọ́ ni, ẹ̀ẹ̀kan nínú 26, mo sì san owó ìtanràn rẹ̀. Mo fi kún un pé báńkì mìíràn ti kọ lẹ́tà sí mi pé kí n gbé gbèsè náà wá sọ́dọ̀ àwọn.

Ó fún mi ní ọ̀nà méjì. Nínú èkíní, èlé á wá sí 19 fún oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà á padà sí ibi tó wà. Nínú èkejì, á wá sí 21, kò sì ní ní ọjọ́ tó máa parí. Etí máa ń gbádùn 19 ju 21 lọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé n kò lè san gbèsè náà tán ní oṣù mẹ́fà, mo bá mú 21. Èlé bọ́ sí dọ́là 70 lóṣù. Gbogbo rẹ̀ kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, kò sẹ́ni tó rí ojú mi, kò sẹ́ni tó béèrè ọmọ ta ni mí.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wá jókòó ti tirẹ̀. Báńkì kékeré kan ní ìlú ló ń yá a lówó. Ó ti yá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, oṣù mẹ́fà mẹ́fà, èyí tó gbẹ̀yìn jẹ́ náírà 600,000, ó sì ti san gbogbo rẹ̀ tán. Ó tún fẹ́ 600,000 mìíràn kí ó fi ra ọjà de Ojúde Ọba, nítorí àwọn régbérégbé kì í dúró di oṣù tí ọdún bọ́ sí kí wọ́n tó yan aṣọ.

Èlé tí wọ́n ń gbà ni 5 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù. Ẹ̀gbọ́n mi kà á bí ohun kékeré, ó ní ṣebí èmi ń san 21. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, tèmi lọ́dún ni, tiyín lóṣù ni." Ìyẹn nìkan kọ́. Orí 600,000 ni wọ́n ti ń ka 5 náà láti oṣù kìíní títí di oṣù kẹfà: náírà 30,000 lóṣù, 180,000 lápapọ̀. Bẹ́ẹ̀, oṣooṣù ló ń dá 100,000 ojú owó padà. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, 100,000 péré ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n èlé 600,000 ló ṣì ń san. Mo fi àga ìnáwó ṣàlàyé fún un. Bí èèyàn bá háyà àga 600, tó ń dá ọgọ́rùn-ún padà lóṣooṣù, ṣé á máa san owó àga 600 títí dé òpin? Ó pariwo. Tí a bá kà á lórí iye tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an lóṣù kọ̀ọ̀kan, 5 yẹn lé díẹ̀ ní 8 lóṣù. Tí wọ́n bá sì fi 5 kan náà sílẹ̀, tí wọ́n kàn ń kà á lórí ojú owó tó kù, 30,000 lóṣù kìíní, 25,000 lóṣù kejì, bẹ́ẹ̀ títí dé 5,000, gbogbo èlé á jẹ́ 105,000. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ 75,000, láìfọwọ́ kan iye tí wọ́n pè é rárá. Ìdí nìyí tí mo fi ní bí wọ́n ṣe ń ka èlé ni kó kọ́kọ́ béèrè, kó tó béèrè àdínkù.

Ṣùgbọ́n ká tó béèrè, mo rántí ọjọ́ mẹ́rin mi. Ìwé ìsanwó ọwọ́ rẹ̀ ní ìbuwọ́lù 18, kò sí àbùkù kankan. Mo ní kó lọ gba èyí tí báńkì tẹ̀ jáde nínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n fún un, ìlà kan sì wà níbẹ̀ tó ní ó pẹ́ ọjọ́ méjì: 17 oṣù kẹfà ọdún 2024. Ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. Iléyá ni! Sunday ọjọ́ 16 ni Iléyá ọdún yẹn, ìjọba fúnni ní ìsinmi lọ́jọ́ 17 àti 18, ọjọ́ 18 náà sì ni Ojúde Ọba, ọdún tí ọkùnrin onísìgá gun ẹṣin tí gbogbo ayé fi ń pín fọ́tò rẹ̀ káàkiri. Báńkì fúnra rẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Ọjọ́ 19 tí wọ́n ṣí ló lọ san án. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ Ojúde Ọba. A kọ ọ́ sí lẹ́tà kan, ojú ewé kan péré: ìsanwó 18, ọ̀kan tó pẹ́ bọ́ sí ọjọ́ ìsinmi, ó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tún un ṣe.

Ibí ni ilé àti òkè òkun ti yàtọ̀ sí mi jù. Gbogbo Òkè-Ajé ló mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi kì í jẹ gbèsè sílẹ̀. Ọ̀físà tó máa ń wá gba owó nínú ṣọ́ọ̀bù mọ̀ ọ́n, mánijà tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé mánijà yẹn lọ sí ẹ̀ka mìíràn, ìmọ̀ rẹ̀ sì bá a lọ. Orúkọ rere wà lẹ́nu àwọn èèyàn, kò sí nínú ìwé.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ sí báńkì nígbà tó ti san ti tẹ́lẹ̀ tán, tí kò tíì fọwọ́ sí tuntun. Àárín méjèèjì yẹn nìkan ni ilẹ̀kùn ti ń ṣí nílé wa. Tí èèyàn bá ti fọwọ́ sí i, iye náà ti dúró títí á fi san án tán, kò dà bí káàdì tèmi tí a lè pè nígbàkigbà. Mánijà tuntun kí i dáadáa, ó ka lẹ́tà, ó ní, "Màmá, Báńkì Àpapọ̀ ti gbé èlé tiwọn dé 27.5 láti oṣù kọkànlá. Àwa náà ń ra owó ni." Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Mo gbọ́, Mánijà. Ìyẹn lọ́dún ni, àbí?" (Inú mi dùn nígbà tó sọ fún mi.) Ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé òun ní 300,000 nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù òun, wọ́n sì máa ń yáni ní ìlọ́po méjì ohun tó bá wà níbẹ̀. Kò ní òun máa lọ. Lọ́dọ̀ tèmi ni a ti ń sọ ọ́ gbangba. Ní Ìjẹ̀bú, èèyàn á gbé e sílẹ̀ sórí tábìlì, á sì máa béèrè ara ìyàwó.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, èsì dé láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá wọn. Wọn kò gbà láti yí bí wọ́n ṣe ń ka èlé padà. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń ka ti gbogbo oníbàárà nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n dín 5 sí 4, wọ́n sì pa ìlà Iléyá yẹn rẹ́. Wọ́n tún ní, nítorí ìwà rere rẹ̀, kó gba mílíọ̀nù kan. Ibẹ̀ ni mo ti ní kó dúró. Èlé 4 lórí mílíọ̀nù kan fún oṣù mẹ́fà jẹ́ 240,000, ó ju 180,000 tó ń sunkún lé lórí tẹ́lẹ̀ lọ, ọjà rẹ̀ kò sì ju 600,000 lọ. Ó kọ̀ ọ́. Lórí 600,000, èlé wá di 144,000, ìyẹn dín 36,000. Nígbà tó ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀, ó rí i pé owó fọ́ọ̀mù tó jẹ́ 6,000 ti di 12,000. Nítorí náà, 30,000 ló jèrè. Ó ní kò burú, owó rẹ́ńtì ṣọ́ọ̀bù oṣù kan àtàbọ̀ nìyẹn.

Ó pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé òun tún ti san tán, ìlà 24 ti pé, kò sí ìkankan tó pẹ́, òun sì ti tún kọ lẹ́tà nípa bí wọ́n ṣe ń ka èlé. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Àbúrò, 21 yẹn... lọ́dún lo wí?"

"Lọ́dún ni, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Àwọn tó yá ọ yẹn, ṣé wọn kì í wá sí Ìjẹ̀bú ni?"