Ẹ má bá káàdì gíráfíìsì fi w pín póíńtì

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ fátẹ́ẹ̀sì ṣédà, ẹ jẹ́ n sọ ibi tí mo ti fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko ṣòfò. Yábàá ni mo wà nígbà yẹn, mo ń ya bíríìjì Tọ́ọ̀dù Méínlándì, tíráyáńgù méjì gbọọrọ ni mo fi ṣe títì, mo wá lẹ àwòrán ọ̀dà pẹ̀lú ìlà funfun mọ́ ọn. Mo rò pé ṣédà ló gbọ́dọ̀ gbé póíńtì dé orí síkírínì pátápátá, ni mo bá kọ báyìí:

```glsl
vec4 p = proj * view * model * vec4(aPos, 1.0);
gl_Position = vec4(p.xyz / p.w, 1.0);
```

Igun títì wà níbi tó yẹ o, àmọ́ ìlà funfun yẹn ṣẹ́ lójijì níbi tí tíráyáńgù méjèèjì ti pàdé. Mo yí àwòrán padà, ó ṣì ṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé póíńtì kan. `model` gbé e sí àyè rẹ̀ láyé, `view` sọ ọ́ di ohun tí kámẹ́rà ń wò, ká ní ó wá di (2, 1, -4), ìyẹn ni pé ó wà níwájú kámẹ́rà ní ìwọ̀n 4 (nínú OpenGL, iwájú ni z tó ní àmì ìyọkúrò). Ká ní fèrèsé wa jẹ́ 800 sí 800, kámẹ́rà sì la ojú ní 90°. `proj` á fi x sílẹ̀ ní 2, y ní 1, á sì fi jíjìn yẹn, 4, sínú w. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ṣédà parí. Káàdì ló ń fi w pín in, ó di 0.5 àti 0.25, ó wá nà án sórí fèrèsé: (0.5 + 1) / 2 × 800, píksẹ̀lì 600 láti òsì, y á bọ́ sí 500 láti ìsàlẹ̀. Tí póíńtì yẹn bá sún lọ sí -8, w di 8, á wá bọ́ sí 500 àti 450, ó ti súnmọ́ àárín, èyí tó jẹ́ 400. Bí ohun tó jìnnà ṣe ń kéré nìyẹn.

Kí ló dé tí kò fi yẹ ká pín in fúnra wa? Káàdì ṣì fẹ́ lo w. Òun ló fi ń mọ bó ṣe máa tẹ́ àwòrán sáàárín igun, torí pé ìdajì títì tó jìnnà gbọ́dọ̀ gba àyè díẹ̀ lórí síkírínì. Nígbà tí mo sọ w di 1, ó rò pé gbogbo igun jìnnà bákan náà, ló bá tẹ́ àwòrán ní dọ́gbadọ́gba nínú tíráyáńgù kọ̀ọ̀kan, ìlà wá ṣẹ́.

Òun náà ló fi ń gé ohun tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà kó tó pín. Lẹ́yìn kámẹ́rà, w máa ń wà lábẹ́ òdo, tí ẹ bá ti pín in, x á fò sí òdìkejì. Ẹ wakọ̀ kámẹ́rà síwájú títí igun títì kan á fi bọ́ sẹ́yìn yín: tí títì bá yí pò lójú yín, ẹ lọ wo ìlà `gl_Position` nínú kóòdù yín. Tèmi di `gl_Position = p;`, ìlà funfun sì nà tààrà dé òpin bíríìjì.