Gíríségọ́ọ̀sì Kò Tíì Dé

Òyìnbó ará Pólándì kan ló fẹ́ wá bá ẹgbẹ́ àwa tó ń sin oyin sọ̀rọ̀ ní Ọ̀yọ́, èmi sì ni wọ́n ní kí n fi í han àwùjọ. Mo ṣí ìwé ètò, mo rí orúkọ: Grzegorz. G, r, z, kí fáwẹ̀lì kan tó yọjú!

Mo yáa kàn sí i lórí wásáàpù: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi pe orúkọ yín sínú fóònù. Ẹ kọ́kọ́ rọra pè é, lẹ́yìn náà kí ẹ pè é bí wọ́n ṣe ń pè é nílé yín." Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì fi kún un pé tó bá le jù, kí n kúkú pe òun ní Greg. Èmi kẹ̀? Èmi tí inú máa ń bí bí wọ́n bá pe Gbóyèga mi ní "Góyègà"? Mo kọ̀.

Ìgbà tí mo gbọ́ ọ ni mo mọ̀ pé r àti z yẹn, ohùn kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń mú jáde. Ó jọ ṣ wa, àmọ́ ó ń kùn bí oyin nínú ilé rẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan ọ̀fun yín kí ẹ pe ṣ, ọ̀fun á dákẹ́. Tiwọn ń mú un gbọ̀n. Nígbà tó bá dé ìparí orúkọ, kíkùn náà á lọ, á wá ku ṣ lásán. Fáwẹ̀lì méjèèjì ò le rárá, ẹ àti ọ tiwa gan-an ni. Ìparí ló le, torí ẹnu tó ti mọ bọ́ọ̀sì àti búrẹ́ẹ̀dì kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán láìfi ì kún un. Ẹ̀yìn ni mo ti bẹ̀rẹ̀: "gọṣ", kí n pa ẹnu dé kíá. Nígbà tí ìyẹn dúró, mo wá fi èyí tó ń kùn síwájú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè é délẹ̀ ni ìyàwó mi máa ń dáhùn láti ilé ìdáná pé, "Pẹ̀lẹ́ o! Ṣé òtútù ni?"

Lọ́jọ́ náà, mo pè é, ó délẹ̀ dáadáa. Àlejò dìde, ẹ̀rín gba ẹnu rẹ̀. Àfi Bàbá tó jókòó níwájú, tó gbé awò sójú, tó na ìwé ètò sí mi.

"Rárá o! Gíríségọ́ọ̀sì ló wà níbí."

Àwọn tó wà lẹ́yìn wọn mi orí. Mo ṣàlàyé, ṣàlàyé. Bàbá ní, "Ó ti yé mi." Mo jókòó.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ parí, wọ́n pàtẹ́wọ́, oúnjẹ dé. Mo rí Bàbá tí wọ́n gbé fìlà lé àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí wọ́n sì fi abọ́ bo àmàlà kan sílẹ̀. Wọ́n ń lé gbogbo ẹni tó fẹ́ jókòó. Wọ́n juwọ́ sí mi.

"Gbóyèga, òyìnbó tó sọ̀rọ̀ yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni Gíríségọ́ọ̀sì ń bọ̀? Àmàlà ẹ̀ ti ń tutù."