Àyẹ̀wò Ọdún: Dróònù Tó Ń Yípo Nígbà Tí Táǹkì Rẹ̀ Bá Kún

Ọdún yìí ni wọ́n kọ́kọ́ fi dróònù tí ń fọ́n oògùn sí abẹ́ àbójútó mi. Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ kí ọdún tó parí ni bí mo ṣe mọ ohun tó ṣe é ní oko àgbàdo kan lẹ́bàá Ìṣẹ́yìn. Alábẹ̀bẹ̀ mẹ́fà ni, táǹkì rẹ̀ ń gba lítà 10, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní ArduPilot ló sì ń darí rẹ̀.

Kòkòrò tí ń jẹ ọkàn ewé àgbàdo ni a lọ bá jà. Poro oko náà lọ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. Dróònù gbéra dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tó dé àárín oko, ọ̀nà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, bí mo sì ti ní kí ó dúró lójú kan, ńṣe ló ń yípo, tí òbìrí náà ń fẹ̀ sí i. Mo pa pọ́ǹpù oògùn. Ojú ẹ̀rọ gbé `EKF variance` jáde, dróònù sì fúnra rẹ̀ balẹ̀ sórí àgbàdo. Bàbá olóko bá mi ri ọ̀pá mọ́ ibi tó ti ń yípo, kí a má baà tún da oògùn sí i lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tí ìkìlọ̀ yẹn ń sọ ni pé àwọn ohun tí dróònù fi ń mọ ibi tó wà àti ibi tó kọjú sí kò bára wọn mu mọ́. Mo ṣí àkọsílẹ̀ ìrìn rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Sátẹ́láìtì 17 ni GPS ń rí, gbígbọ̀n ara dróònù sì kéré, nítorí náà kọ́ńpáàsì ló kù tí mo lè fura sí. Àwọn ẹ̀gbọ́n tí mo bi léèrè ní kí n tún kọ́ńpáàsì náà tò. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ sì gbà á. Pẹ̀lú táǹkì òfìfo, ó fò tààrà. Nígbà tí mo pọn omi lásán kún un, ó tún ń yípo. Ìdí rẹ̀ ni pé bí a bá ń to kọ́ńpáàsì, ọwọ́ ni a fi ń yí dróònù káàkiri nígbà tí abẹ̀bẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Àléébù tó jẹ́ pé iná tó ń ṣàn nínú wáyà ló fà á kò lè hàn nígbà náà.

Ní agbègbè wa, agbára òòfà ilẹ̀ ayé tó nǹkan bíi mílígáọ́sì 330, ìhà tí òòfà náà ń fà sí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ. Àpapọ̀ tí kọ́ńpáàsì kà nínú oko jẹ́ 376, iye tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò wò tí wọn yóò sì gbójú kúrò. Èmi wo `MagX`, èyí tó ń wọn òòfà láti ìdí dé imú dróònù. Bí imú bá kọjú sí ìlà-oòrùn, ẹ̀gbẹ́ ni òòfà ayé ń gbà kàn án, nítorí náà ó yẹ kí `MagX` sún mọ́ òdo. Mo bá 180 níbẹ̀, nígbà tí iná jẹ́ áńpíà 85. Nígbà tí táǹkì ṣófo, tí iná wálẹ̀ sí 48, ó di 102. Ìṣirò méjèèjì jẹ́ nǹkan bíi 2.1 fún áńpíà kọ̀ọ̀kan, èyí sì fi hàn gbangba pé iná ni ó fà á. Òòfà 180 lẹ́gbẹ̀ẹ́ 330 tó láti yí kọ́ńpáàsì kúrò lójú òótọ́ ní dígírì 29. Bí dróònù bá fẹ́ padà sí ipò rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni yóò máa fì sí, ibẹ̀ sì ni yíyípo ti bẹ̀rẹ̀.

Mo wá tẹ̀lé wáyà. Bátìrì wà lókè, pátákó tó ń pín iná wà nísàlẹ̀, àwọn tó to dróònù náà sì mú wáyà pupa gba ọ̀tún táǹkì, wọ́n mú dúdú gba òsì. Iná tó lọ nínú ọ̀kan ló ń padà nínú èkejì, nítorí náà bí méjèèjì bá sún mọ́ra, òòfà ìkíní máa ń pa ti ìkejì. Bí wọ́n ṣe yà síra yìí, wọ́n di òrùka ńlá kan, kọ́ńpáàsì sì dúró lókè rẹ̀ gan-an. Mo kó méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo lọ́ wọn mọ́ra bí ẹni lọ́ okùn, mo gé èyí tó gùn jù, mo sì fi ọ̀pá tó ga sí i gbé kọ́ńpáàsì. Nígbà tí mo tún gbé e sókè pẹ̀lú omi, `MagX` kò ju 25 lọ ní áńpíà 85, ìyẹn dígírì 4 péré, ó sì dúró ṣinṣin. A padà lọ parí oko Bàbá.

Láti ìgbà náà, dróònù kankan kò ní gba oògùn lọ́wọ́ mi láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ fi omi kún un, tí mo sì gbé e dúró lókè ilẹ̀ gbalasa kí imú rẹ̀ kọjú sí ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìhà kan ṣoṣo kò tó, torí pé bí imú bá kọjú sí àríwá, òòfà wáyà yìí kàn ń lé kún òòfà ayé ni, kò ní yí kọ́ńpáàsì. Ní ọdún tó ń bọ̀, mo fẹ́ dán ọ̀nà mìíràn wò, èyí tó ń fi eriali GPS méjì mọ ibi tí imú kọjú sí láìlo òòfà rárá. Ohun tí mo ń rò báyìí ni ibi tí mo máa fi wọ́n sí lára dróònù kékeré yìí, nítorí wọ́n ní láti fi ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 30 jìnnà síra.