Kí ẹ tó dárúkọ ajílẹ̀ fún àgbẹ̀

Oṣù tó ń bọ̀ ni mo máa fẹ̀yìn tì, ẹ̀yin àbúrò mi ni ẹ ó sì máa dá àwọn àgbẹ̀ lóhùn. Ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu yín lórí fóònù lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ló jẹ́ kí n kọ èyí. Àgbẹ̀ á pè pé, "Ewé irúgbìn mi ń pọ́n, kí ni kí n fi sí i?" Kó tó mí, ẹ ti dárúkọ ajílẹ̀. Ọ̀kan nínú yín á ní yúríà, èkejì á ní NPK 15-15-15, ẹ̀kẹta á ní kó má fi nǹkan kan sí i rárá. Ẹ ó wá jókòó síwájú mi, ẹ ó máa jiyàn pé ta ló mọ iṣẹ́ jù, láìsí ẹni tó bi àgbẹ̀ náà pé kí ló gbìn.

N kò ní kọ́ yín ní iṣẹ́ tí náítírójìn ń ṣe lára ewé, ìyẹn ti wà nínú ìwé yín. Ìbéèrè mẹ́rin tó yẹ kó ṣáájú ìdáhùn ni mo fẹ́ tò sílẹ̀.

Èkíní, irè wo ni? Bó bá jẹ́ ẹ̀gẹ́ ni, tí ewé rẹ̀ pọ́n ní àbùlà, tó lọ́, tó sì rún, àrùn mòsáìkì nìyẹn. Àwọn eṣinṣin funfun wínníwínní tó ń bẹ lábẹ́ ewé ló ń gbé e káàkiri, igi ẹ̀gẹ́ tí àgbẹ̀ gé gbìn sì lè ti gbé e wá láti oko ẹlòmíràn. Kò sí ajílẹ̀ tó ń wò ó. Bó bá jẹ́ àgbàdo ni, ẹ bèèrè ewé tó ń pọ́n. Bí ó bá jẹ́ ti ìsàlẹ̀, tí pípọ́n náà bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó tó sì ń gba àárín ewé wọlé, àìtó náítírójìn ló jọ. Bí ó bá jẹ́ etí ewé ìsàlẹ̀ ló ń jó, ẹ wo ọ̀nà potásíọ̀mù. Bí ó bá jẹ́ ewé òkè ló funfun ní ìlà-ìlà, ẹ fura sí síńkì. Ìpè kan náà, "ewé mi ń pọ́n," ni gbogbo wọn fi ń pè yín o.

Èkejì, ilẹ̀ wo ni? Ibí yìí ni mo fẹ́ máa tò ó lọ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n n kì í lè sọ̀rọ̀ ilẹ̀ kí n má rántí bàbá kan lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tirẹ̀ tán ná.

Àgbàdo ni bàbá náà gbìn, sórí ilẹ̀ tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́ sí odò. Apá òkè jẹ́ iyanrìn, apá ìsàlẹ̀ jẹ́ àkùrọ̀ dúdú. Òjò oṣù Kẹfà ọdún yẹn pọ̀, nígbà tó sì máa fi wọ oṣù Keje, ewé ìsàlẹ̀ àgbàdo rẹ̀ ti ń pọ́n. Ó kọ́kọ́ pe àna rẹ̀ tó ń dáko lápá Ìjẹ̀bú. Ìyẹn ní kó fọkàn balẹ̀, òun kì í fi ajílẹ̀ sí àgbàdo, ó sì ń ṣe dáadáa. Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ṣakí, ìyẹn ní báàgì yúríà méjì ni éékà kan ń jẹ, pé bí kò bá ti fi í sí i, igbó lásán ló gbìn. Ẹni tó ń ta ajílẹ̀ ní ọjà ní NPK ni kó rà, torí òun ló wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Orí ti dàrú mọ́ bàbá kó tó wá pe ọ́fíìsì wa.

Ẹ gbọ́ o, àwọn méjì àkọ́kọ́ kò parọ́. Ẹni Ìjẹ̀bú ń gbin àgbàdo sí igbó tó ti sinmi fún ọdún púpọ̀ kó tó ṣán an. Ewé tó ti jẹrà sínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń tú náítírójìn sílẹ̀ fún irè ọdún àkọ́kọ́, ó lè tó o lóòótọ́. Bí ó bá tún ibẹ̀ dá lọ́dún kẹta, ohùn rẹ̀ á yí padà. Ẹni Ṣakí wà ní ọ̀dàn, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń dá lọ́dọọdún, tí iná sì máa ń jó koríko orí rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Báàgì yúríà kan jẹ́ kílò 50, náítírójìn tó wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ kílò 23. Méjì fún éékà kan jẹ́ kílò 46, ìyẹn tó nǹkan bíi kílò 114 fún hẹ́kítà, kò sì jìnnà sí ohun tí wọ́n ń dá lámọ̀ràn fún àgbàdo lórí irú ilẹ̀ ọ̀dàn bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọ̀rẹ́ bàbá kò sọ ni pé ẹ̀ẹ̀mejì lòun ń pín in, àti pé òun ń gbẹ́ kòtò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ìdí àgbàdo, òun á sì fi yẹ̀pẹ̀ bò ó. Òun rò pé gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló gbé fóònù ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà. Ó kàwé, ó sì mọ̀ ọ́n sọ. Bàbá ní, "Ọmọ mi, ṣé kí n lọ ra yúríà tí wọ́n ní kí n rà?" Ó ní, "Ẹ rà á, bàbá, báàgì méjì fún éékà kan." Bàbá ní éékà kan lòun gbìn. Ó parí síbẹ̀. Òjò kò wọ ọ̀rọ̀ wọn, ilẹ̀ kò wọ̀ ọ́.

Nígbà tí wọ́n rán mi lọ wo oko náà, àgbàdo apá òkè ti jó láti etí ewé títí dé àárín, ti ìsàlẹ̀ sì pọ́n ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mo kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀. Kì í ṣe éékà kan, pulọ́ọ̀tì mẹ́rin ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú àti 120 ní gígùn. Mẹ́fà irú rẹ̀ ló ń di éékà kan, nítorí náà ìdá méjì nínú mẹ́ta éékà ni bàbá ní. Kì í ṣe irọ́ ló pa. Ebè ni bàbá rẹ̀ fi ń ka ilẹ̀, ní igba-igba, ogún igba sì ni wọ́n ń pè ní éékà kan ládùúgbò yẹn. Bí ebè bá jìnnà síra ní mítà kan, ẹgbàajì ebè súnmọ́ éékà kan lóòótọ́. Bí ó bá jẹ́ mítà kan lé díẹ̀, bíi 1.2, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó éékà kan àbọ̀. Bí ó bá sún wọn mọ́ra bíi ti bàbá yìí, kò ní tó. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìbéèrè ìwọ̀n ilẹ̀, tó jẹ́ ẹ̀kẹrin nínú tèmi, kò parí síbi "éékà mélòó?" Ẹ ní kó rìn ín, ẹ ní kó sọ iye ẹsẹ̀ tó rìn ní gígùn àti ní ìbú.

Ẹ wá bá mi ṣe ìṣirò náà. Ìdajì ilẹ̀ yẹn ni apá òkè, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́ta éékà. Ká tiẹ̀ gba ọ̀rọ̀ ẹni Ṣakí gbọ́, kílò 33 ni gbogbo yúríà tó tọ́ sí i, èyí tí a ó sì pín sí méjì, nǹkan bíi kílò 16 lẹ́ẹ̀kan. Báàgì kan odindi, kílò 50, ni bàbá dà sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì dà á sí ìdí àgbàdo gan-an, lórí iyanrìn. Ìlọ́po mẹ́ta nìyẹn. Òjò sì dá lẹ́yìn tó dà á, ọ̀gbẹlẹ̀ oṣù Kẹjọ ti ń bọ̀. Omi tó kù nínú iyanrìn kò pọ̀ mọ́, ajílẹ̀ ń fà á kúrò lára gbòǹgbò, àgbàdo jó. Èyí tó wà lójú ilẹ̀ láìbò sì ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ bá gbóòórùn rẹ̀ bí ẹ bá dé oko náà lásìkò.

Apá ìsàlẹ̀ ló dùn mí jù, torí ebi kọ́ ló ń pa á rárá. Mo ní kí wọ́n fi ọkọ́ gbẹ́ ihò kan tó jìn bí ìgbọ̀nwọ́. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í sun sínú rẹ̀ lójú wa. Mo fa igi àgbàdo kan tu: gbòǹgbò tó yẹ kó funfun ti dúdú, ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Gbòǹgbò tí kò rí afẹ́fẹ́ kò lè jẹun, bó ti wù kí oúnjẹ pọ̀ tó. Nínú irú ilẹ̀ tí omi rin bẹ́ẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ń sọ náítírójìn tó bá ti di náítíréètì di afẹ́fẹ́, òun náà á sì lọ. Owó báàgì kan ló gbà bẹ́ẹ̀ fò lọ. Ohun tó yẹ kí wọ́n sọ fún bàbá ni pé kó la poro sáàárín àwọn ebè kí omi rí ọ̀nà gbà lọ sódò, kó dúró títí ihò bẹ́ẹ̀ kò fi ní sun omi mọ́, kó wá fi yúríà díẹ̀ sí i, bí àgbàdo kò bá tíì yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ti yọ ọ́, ìwọ̀nba ni ajílẹ̀ lè rí ṣe.

Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà? Bàbá sọ ọ́ nípàdé àwọn àgbẹ̀ pé ìjọba ló jó àgbàdo òun. Ẹni tó gbé fóònù ti gba ìgbéga lọ sí olú-ìlú. Èmi tí mo lọ wo oko ni wọ́n kọ lẹ́tà ìbáwí sí, pé n kò bójú tó ìmọ̀ràn tó ń jáde ní ọ́fíìsì. Lẹ́tà yẹn ṣì wà nínú fáìlì mi, mo sì ń mú un lọ sílé bẹ́ẹ̀. N kò ní díbọ́n pé kò dùn mí. Ohun tó tún bí mi nínú ni pé lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, wọ́n pàṣẹ pé ká má dárúkọ yúríà mọ́ lórí fóònù, NPK nìkan ni. Wọn ò pàṣẹ pé ká bèèrè ilẹ̀.

Ìbéèrè kẹta tí mo fẹ́ tò, ti òjò, ẹ ti rí i nínú ìtàn yìí. Bí ẹ bá ní, "Báwo ni òjò ṣe ń rọ̀?" àgbẹ̀ á ní, "A dúpẹ́." Ọjọ́ tó rọ̀ kẹ́yìn ni kí ẹ bèèrè, àti bóyá omi dúró sójú ilẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ fi oṣù tí ẹ wà nínú rẹ̀ sọ́kàn: yúríà tó tọ́ sí àgbàdo àkọ́rọ̀ ní oṣù Karùn-ún lè ṣòfò ní ìparí oṣù Keje. Ní ti àgbàdo àrọ̀kúrò, bí àgbẹ̀ bá pẹ́ gbìn ín, òjò lè dá kó tó gbó, owó ajílẹ̀ á sì wọlẹ̀ láìsí ọmọ tó dára.

Ní ti irú ilẹ̀, ẹ má bi í pé, "Ṣé ilẹ̀ yín dára?" Ẹ ní kó bu yẹ̀pẹ̀ tútù lọ́wọ́ kan, kó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí i. Bí kò bá dì rárá, iyanrìn ni, ẹ ní kó máa fi ajílẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Bó bá yí gùn bí okùn láìjá, amọ̀ ni, ẹ bèèrè omi dídúró kí ẹ tó sọ ohunkóhun mìíràn. Bí oko bá dà gẹ̀ẹ́rẹ́, kó ṣe é lókè, kó tún ṣe é nísàlẹ̀, torí ilẹ̀ méjì lè wà lábẹ́ àgbàdo kan ṣoṣo.

Nísinsìnyí tí fóònù ti ń ya fọ́tò, ẹ ní kí wọ́n fi mẹ́ta ránṣẹ́: ewé ìsàlẹ̀, ewé òkè, àti gbòǹgbò igi kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà tu. Àwọn tó bá fi fọ́tò gbogbo oko ránṣẹ́ láti ojú ọ̀nà, ẹ dá wọn padà. Bí ẹ bá wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí kò yé yín, ẹ wọ bàtà yín, kí ẹ sì lọ síbẹ̀.