Lẹ́tà ìkẹyìn sí ibi iṣẹ́ mi àtijọ́

Àná ni mo tún kọ̀wé sí ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 6. Nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ san ẹ̀tọ́ mi” ni mo kàn kọ. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Lọ́tẹ̀ yìí mo ṣírò rẹ̀ fún wọn: ọjọ́ ìsinmi 9 tí mi ò lò, àti owó ọjọ́ 12 tí mo ṣe nínú oṣù tí mo lọ. Mo so ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́jọ́ tí mo dá kọ̀ǹpútà àti káàdì ìwọlé padà mọ́ ọn, kí wọ́n lè fún mi níwèé pé mi ò jẹ wọ́n ní nǹkan kan. Ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ńkọ́? Ọ̀gá mi ni mo kọ ìyẹn sí lọ́tọ̀, kí ọ̀rọ̀ owó má bàa dá a dúró. Wọ́n ti fèsì láàárọ̀ yìí. Ó dùn mọ́ mi gan-an!