Kí a tó pe kándùlù ní háńmà, níbo ló ti jáde?

Àbúrò kan wà tí a jọ máa ń wo ṣáàtì ọjà owó ilẹ̀ òkèèrè ní ìrọ̀lẹ́ níbí ní Adó-Èkìtì. Kándùlù kọ̀ọ̀kan lórí rẹ̀ ń fi bí owó ṣe rìn láàárín àkókò kan hàn: ara rẹ̀ ni ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí ibi tó parí sí, ìrù rẹ̀ sì ni ibi tó dé kó tó padà. Bó bá ti rí kándùlù tí ara rẹ̀ kéré lókè, tí ìrù rẹ̀ sì gùn nísàlẹ̀, á ké sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, háńmà ti jáde o!" Èmi náà á bi í pé, "Níbo ló ti jáde?"

Ohun tí háńmà ń sọ ò ju pé àwọn tó ń tà ti owó wálẹ̀, àwọn tó ń rà sì gbé e padà kí kándùlù tó parí. Bó bá jáde lẹ́yìn tí ọjà ti ń já bọ̀, ó lè yí i padà. Àmọ́ kí ìrísí kan náà jáde lórí òkè tí ọjà gùn títí, háńgìn máànù ni wọ́n ń pè é, ìkìlọ̀ ló sì jẹ́ fún ẹni tó ti rà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣúútìn sítáà, tí ìrù tiẹ̀ wà lókè: òkè ló ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo EUR/USD, ìyẹn iye dọ́là tí yúrò kan ń gbà, lórí H4, níbi tí kándùlù kọ̀ọ̀kan ti jẹ́ wákàtí mẹ́rin. Ká ní ọjà ti padà sókè láti 1.0850 nígbà méjì, ó sì máa ń kọsẹ̀ ní 1.0950. Háńmà wá fi ìrù kan 1.0838, ó parí sí 1.0868. Tí mo bá rà ní 1.0870, tí mo fi sítọ́ọ̀pù, ibi tí màá ti jáde bí ọjà bá kọ̀ mí, sí 1.0833, píìpù 37, ìyẹn 0.0037, ni mo fi wéwu. 80 ló wà níwájú mi kó tó dé ibi tó ti máa ń kọsẹ̀. Ẹ wá gbé háńmà yẹn gan-an sí àárín, kí n rà á ní 1.0920. Ewu ṣì jẹ́ 37, ṣùgbọ́n 30 péré ló kù níwájú. Mi ò ní fọwọ́ kàn án, bó ti wù kó dára tó lójú.

Ẹ̀ngọ́fìn ló máa ń tan ènìyàn jù, ìyẹn kándùlù tí ara rẹ̀ bo ara èyí tó ṣáájú mọ́lẹ̀. Lóru, lórí M5 tí kándùlù rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún, nígbà tí ọjà ń tòògbé, kándùlù ò ju píìpù kan tàbí méjì lọ. Kò sí èyí tí ò lè bo èkejì rẹ̀. Mo máa ń fi wé bíi mẹ́wàá tó ṣáájú. Bí kò bá tóbi jù wọ́n lọ, mo fojú fò ó.

Ìròyìn náà ń da nǹkan rú. Ní Fúráìdé tí Amẹ́ríkà bá ń kéde iye ènìyàn tó ríṣẹ́, aago kan ààbọ̀ ọ̀sán wa ni nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, aago méjì ààbọ̀ nígbà òtútù wọn. Ìrù gígùn tó bá yọ nígbà yẹn, ariwo lásán ló sábà máa ń jẹ́.

Ní báyìí, D1, tí kándùlù rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kan, ni àbúrò mi kọ́kọ́ ń ṣí, á fa ìlà síbi tí ọjà ti yípadà rí, kó tó bọ́ sí H4. Á dúró kí kándùlù parí, torí háńmà tó wà ní wákàtí kẹta lè di kándùlù pupa gbọọrọ kó tó di ìkẹrin. Èyí tó bá jìnnà sí ìlà, kì í pè mí sí i mọ́.