Orúkọ ṣọ́ọ̀bù wọ inú ìwé lọ

Láàárọ̀ yìí ni mo kó ìwé ìpolówó alábala mẹ́ta lọ fún ìyá aláàdìrẹ kan n'Ítòkú. Wọ́n ṣẹ́ ọ̀kan po, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n ní: "Ọmọ mi, orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi dà?"

Àdírẹ́sì ló wà níwájú, iye owó wà lẹ́yìn. Orúkọ wọn, pẹ̀lú àwòrán àdìrẹ ẹlẹ́kọ tó rẹwà yẹn, ti ká sínú. Igba ẹ̀dà!

Ẹ̀bi mi ni. Bí a ṣe ń kàwé ni mo ṣe tò ó lórí kọ̀ǹpútà, mo fi iwájú sí apá òsì. Ẹ̀gbẹ́ inú nìkan la máa ń tò bẹ́ẹ̀: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Ní ẹ̀gbẹ́ ìta, apá ọ̀tún ni iwájú, àárín ni ẹ̀yìn, apá òsì sì ni abala tó ń ká wọlé.

Abala tó ń wọlé yẹn gbọ́dọ̀ kéré díẹ̀, kó má baà wú. Mo ti wá pín A4 sí mìlímítà 97, 100, 100 níta. Nínú, 100, 100, 97.

Kí n tó tún un tẹ̀, mo ya ìwé òfìfo kan, mo ṣẹ́ ẹ, mo fi bírò kọ "iwájú" àti "ẹ̀yìn" sí i. Ìyá ń wò mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ta ló ti ṣe irú èyí rí?